Kamomaìlì, lẹ́mọ́ọ̀nù báàmù tàbí faleríánì: èwo ló ń mú oorun wá?

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú tíì ewéko mẹ́ta yìí, kamomaìlì ni mo máa mú. Òórùn òdòdó rẹ̀ dà bí ti ápù. Gbòǹgbò faleríánì ní tiẹ̀ ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ rẹ ẹ́ sómi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ilé á gbọ́.

Kamomaìlì náà ló ní ìwádìí tó ṣe gúnmọ́ lórí àníyàn, tó lè lé oorun lọ. Ní Yunifásítì Pẹnsilfáníà, wọ́n fún àwọn tí àníyàn ń dà láàmú ní kápúsù rẹ̀, mílígíráàmù 1,500 lójúmọ́. Wọ́n wá pín 93 nínú àwọn tí ara tù sí méjì: apá kan ń lò ó lọ, apá kejì ń gba kápúsù tí kò ní nǹkan kan nínú. Láàárín oṣù mẹ́fà, àníyàn padà bá 7 nínú 46 tó ń lò ó, àti 12 nínú 47 tí kò lò ó. Ìyàtọ̀ yẹn kéré débi pé ó lè jẹ́ èèṣì. Kápúsù sì ni o, kì í ṣe tíì inú ife.

Faleríánì lókìkí fún oorun, àmọ́ èsì ìwádìí rẹ̀ ń takora. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí wọ́n má fi tọ́jú àìróorunsùn. Ní ti lẹ́mọ́ọ̀nù báàmù, ìbátan efinrin, ìwádìí rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì sábà ń pò ó mọ́ faleríánì, a ò wá mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ń lo wafarínì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà kó tó mu kamomaìlì. Faleríánì kò sì gbọdọ̀ pàdé ọtí tàbí oògùn oorun.