Ẹ ṣọ́ra fún “kọsítọ́mà kíà” tó ní òun máa tú owó yín sílẹ̀

Ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì tí ẹ ń ra kírípítò, ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ju ìtìjú lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, fóònù mi bọ́ sómi. Mo ra òmíràn ní Òkèṣà, mo gbé áàpù tí mo fi ń ṣe kírípítò sórí rẹ̀. Mi ò rántí páásíwọ́ọ̀dù, ni mo bá yí i padà. Mo fẹ́ yọ 400 USDT jáde kí n fi san owó ilé, ó kọ̀. Ohun tí mo rí ni “Withdrawal suspended for 24 hours”. Fóònù tuntun àti páásíwọ́ọ̀dù tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, bí olè ṣe máa ń wọlé sí àkáǹtì onítọ̀hún nìyẹn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Èmi ò mọ̀. Ara mi ò balẹ̀, mo tún yí páásíwọ́ọ̀dù náà padà lálẹ́, ni wákàtí 24 bá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí, mo gbà.

Mo figbe ta nínú gúrúùpù kan. Kò pẹ́ tí ẹnì kan kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, àmì ilé iṣẹ́ tó ni áàpù náà ló fi ṣe fọ́tò. “Ẹ má bínú sà, àkáǹtì yín wà lábẹ́ àyẹ̀wò. Ẹ fi 40 USDT ránṣẹ́ ká fi mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín.” Ó ń pè mí ní sà! Mo yá a lọ́wọ́ àbúrò mi, mo fi ránṣẹ́. Láàárọ̀ Sátidé, ó ní ó ku owó orí, 60. Mo tún san án. 100 USDT! Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ojúkòkòrò o, owó ilé ni mò ń wá. Ìgbà tó béèrè 90 sí i ni mo tó bi í pé ṣé kò lè yọ ọ́ nínú 400 mi tó wà lọ́wọ́ wọn. Ó búlọ́ọ̀kì mi.

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ bi í. Àyẹ̀wò gidi a máa béèrè NIN, fọ́tò ojú yín, rísíìtì ibi tí owó ti wá, inú áàpù ni wọ́n sì ti ń béèrè rẹ̀. Wọn kì í ní kí ẹ fi owó mìíràn ránṣẹ́, wọn kì í sì í kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀. Bó bá jẹ́ pé USDT tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ẹnì kan tà fún yín, tàbí orúkọ tó wà lórí báǹkì tí ẹ fi sanwó kì í ṣe tiyín, àyẹ̀wò ìyẹn lè pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ tọ́jú rísíìtì.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Lálẹ́ Sátidé yẹn, 400 mi jáde wẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó bá mi ṣe nǹkan kan, wákàtí 24 ló pé.

Mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ọmọkùnrin tó ta fóònù fún mi ní Òkèṣà pàápàá, mi ò dá a lóhùn mọ́ bó bá kí mi.