FPS àti Hz: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Mọ́nítọ̀ Géèmù

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Adó-Èkìtì láti ra mọ́nítọ̀ tí yóò fi máa ṣe géèmù kò ní pẹ́ gbọ́ nọ́ńbà méjì tó jọra wọn létí. Ẹni tó ń tajà á ní mọ́nítọ̀ yìí jẹ́ 144 Hz, ọ̀rẹ́ tó bá oníbàárà wá á ní kọ̀ǹpútà òun ń gbé 100 FPS jáde. Nítorí pé iye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni nọ́ńbà méjèèjì ń kà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun kan náà ni wọ́n, wọ́n sì ti tipa bẹ́ẹ̀ náwó sí ibi tí kò yẹ. FPS jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, iye àwòrán tó ń pèsè; Hz jẹ́ ti mọ́nítọ̀, iye ìgbà tó ń tún ojú rẹ̀ yà. Nínú àwọn méjèèjì, èyí tó bá lọ́ra jù ni ojú ẹni tó ń ṣe géèmù yóò rí.

Káàdì àwòrán tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ń pèsè àwòrán géèmù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìran tó wà nínú géèmù bá rọrùn, àwòrán á yára jáde. Bí èéfín, omi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn bá kún ibẹ̀, yóò falẹ̀. Ìdí nìyí tí FPS fi máa ń lọ sókè sódò láàárín géèmù kan náà. Mọ́nítọ̀ ní tirẹ̀ kì í wo ohun tó ń lọ nínú géèmù. Ó ń tún ojú rẹ̀ yà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní iye ìgbà kan pàtó, ìgbà 60 bó bá jẹ́ 60 Hz, ìgbà 144 bó bá jẹ́ 144 Hz, yálà àwòrán tuntun ti dé tàbí kò tíì dé.

Ẹni tó bá ti jókòó rí ní ilé oníyán ní ọjọ́ ọjà, tí ebi sì ń pa á, ti mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń gúnyán wà lẹ́yìn ilé, ẹni tó ń gbé abọ́ wá síwájú oníbàárà sì jẹ́ ẹlòmíràn. Kò sí bí apá ẹni tó ń gúnyán ṣe le yá tó, abọ́ tí agbábọ́ bá gbé wá nìkan ni oníbàárà yóò jẹ. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àfiwé yìí ti já: iyán tí a kò gbé jáde lè dúró de ìgbà mìíràn, àwòrán tí mọ́nítọ̀ kò ráyè gbà ti di àná, nítorí ọ̀tá tó wà nínú rẹ̀ ti kúrò níbi tó dúró sí.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá yá ju mọ́nítọ̀ lọ

Ẹ jẹ́ kí á mú kọ̀ǹpútà kan tó ń pèsè 110 FPS, kí á so ó mọ́ mọ́nítọ̀ 60 Hz irú èyí tí wọ́n ń kó wọlé ní tòkunbọ̀ láti ọ́fíìsì òyìnbó. Mọ́nítọ̀ náà ń tún ojú rẹ̀ yà ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7, ìyẹn ìdá 16.7 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Káàdì àwòrán ní tirẹ̀ ń parí àwòrán kan láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì 9.1. Kí mọ́nítọ̀ tó ya àwòrán kan dé ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, òmíràn ti dé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya tuntun náà láti ibi tó dé. Bí ògiri kan bá wà nínú géèmù tí ẹ sì yára yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí i pé apá òkè ògiri náà kò bá apá ìsàlẹ̀ mu mọ́, bí ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò sí méjì tí wọn kò sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ dáadáa. Àwòrán tó fàya nìyẹn. Kò túmọ̀ sí pé káàdì àwòrán bàjẹ́.

Géèmù máa ń ní ètò kan tí wọ́n kọ ní `V-Sync`, èyí tó ń dá kọ̀ǹpútà dúró títí mọ́nítọ̀ yóò fi ṣetán láti gba àwòrán mìíràn. Bí ẹ bá tàn án, àwòrán kò ní fàya mọ́, ṣùgbọ́n 110 á di 60, àwòrán tó ti parí á sì máa dúró kí ó tó jáde, èyí tí ọwọ́ ẹni tó di máòsì mú máa ń mọ̀ lára. Láti sọ òótọ́, 110 FPS lórí mọ́nítọ̀ 60 Hz kì í ṣe àdánù pátápátá bí `V-Sync` kò bá sí ní títàn. Ohun tí ẹ ń rí máa ń jẹ́ tuntun díẹ̀ ju bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fún yín lọ bó bá jẹ́ 60 FPS péré ló ń pèsè. Kìkì pé ìrìn àwòrán náà kò ní dán ju ìgbà 60 lọ, iye FPS yòówù tí ẹ bá kà ní igun ojú géèmù.

Nígbà tí mọ́nítọ̀ bá yá ju kọ̀ǹpútà lọ

Apá yìí ni àwọn olùtajà kì í ṣàlàyé, òun sì ló kan ọ̀pọ̀ wa tí kọ̀ǹpútà wa kò lágbára púpọ̀. Ká ní 45 FPS ni kọ̀ǹpútà yín ń pèsè. Lórí mọ́nítọ̀ 60 Hz, àwòrán 45 ni yóò kún àyè 60, nítorí náà àwòrán 30 á hàn lẹ́ẹ̀kan péré, 15 tó kù á sì hàn lẹ́ẹ̀mejì. Èyí túmọ̀ sí pé àwòrán kan dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7, òmíràn dúró fún 33.3, ìlọ́po méjì gan-an. Ojú máa ń rí àìdọ́gba yẹn bí ìgbà tí ọkọ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ lójú ọ̀nà tó ní kòtò.

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà kan náà síwájú mọ́nítọ̀ 144 Hz. Àwòrán 36 á hàn lẹ́ẹ̀mẹta, 9 á hàn lẹ́ẹ̀mẹrin, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 144. Èyí tó yára lọ nínú wọn dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdì 20.8, èyí tó pẹ́ dúró fún 27.8. Àwòrán 45 náà ni, kò sí ọ̀kan tó pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àlàfo àárín wọn ti dọ́gba díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé mọ́nítọ̀ tó yá kò wúlò rárá fún kọ̀ǹpútà tó lọ́ra kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kò tó owó tí ẹ ó san lé e. Bó bá jẹ́ pé èmi ni, káàdì àwòrán ni n ó kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ohun tó ń yanjú àìdọ́gba yìí pátápátá ni mọ́nítọ̀ tó mọ bí a ti ń dúró de kọ̀ǹpútà, tí wọ́n máa ń kọ `FreeSync` tàbí `G-Sync` sí lára. Irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tún ojú rẹ̀ yà títí àwòrán tuntun yóò fi dé, ṣùgbọ́n ó ní ààlà tó ti lè dúró. Ẹ béèrè ààlà náà kí ẹ tó sanwó. Mọ́nítọ̀ tí ààlà rẹ̀ jẹ́ 48 sí 144 lè gba 45 FPS nípa fífi àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, kí ó di 90, èyí tó bọ́ sínú ààlà. Èyí tó jẹ́ 48 sí 75 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí 90 ti kọjá òkè rẹ̀, ibi tí kọ̀ǹpútà bá sì ti rẹ̀ jù gan-an ni ìrànlọ́wọ́ náà ti máa já a sílẹ̀.

Nípa iye Hz tí ẹ ó rà, ẹ má ka nọ́ńbà nìkan, ẹ ka àkókò. Láti 60 sí 144, ìdúró àárín ìgbà méjì dín kù láti mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7 sí 6.9, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sì rí i. Láti 144 sí 240, mílísẹ́kọ́ǹdì 2.8 péré ló dín kù, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yín gbọ́dọ̀ lè pèsè àwòrán 240 kí ó tó ní ìtumọ̀. Ti 75 Hz kò yàtọ̀ sí 60 tó láti fi owó kún un. Bí PlayStation 4 ni ẹ fẹ́ so mọ́ ọn, ẹ ra 60 Hz kí ẹ lọ, torí kò ní gbé ju ìyẹn jáde. PlayStation 5 lè dé 120.

Mọ́nítọ̀ tuntun, ojú àtijọ́

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́ ló ni kọ̀ǹpútà 110 FPS tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tó tọ́jú owó tó sì ra mọ́nítọ̀ 144 Hz, ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kejì. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Kò sí ìyàtọ̀ kankan.” Mo dé ibẹ̀, mo ní kó di fèrèsé kan mú lójú kọ̀ǹpútà kó máa fà á sọ́tùn-ún sósì kíákíá, lóòótọ́ ni lẹ́tà inú rẹ̀ ń fò. A ṣí `Settings`, lẹ́yìn náà `System`, `Display`, `Advanced display`. Níbi tí wọ́n kọ `Choose a refresh rate` sí, 60 Hz ló wà níbẹ̀. Windows kì í sábà bá ènìyàn gbé e sókè fúnra rẹ̀. Ohun tó tún burú ni pé 144 kò sí lára ohun tó lè yàn rárá, nítorí wáyà `HDMI` tó yọ lára mọ́nítọ̀ àtijọ́ ló kì bọ̀ ọ́, ojú ihò `HDMI` mọ́nítọ̀ tuntun náà kò sì kọjá 75. A fi wáyà `DisplayPort` tó wà nínú páálí dípò rẹ̀, a sì rí i dájú pé ara káàdì àwòrán ni a kì í bọ̀, kì í ṣe ihò tó wà lókè lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. 144 yọjú. Ó tún fa fèrèsé náà, ó sì lè ka lẹ́tà inú rẹ̀ bó ṣe ń rìn.

Nítorí náà, kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ṣí géèmù tí ẹ ń ṣe jù, ẹ tẹ `Windows + G`, kí ẹ wo iye FPS nínú àpótí `Performance` níbi tí ogun ti gbóná jù, kì í ṣe ní ojú ìwé àkọ́kọ́ géèmù tí nǹkan kan kò ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́; nọ́ńbà `ms` tí wọ́n fi ń polówó kì í ṣe ọ̀rọ̀ Hz, bí àwọ̀ ṣe ń yára yí padà ló ń sọ. Ẹ ní kí wọ́n so mọ́nítọ̀ náà mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà tí wọn yóò kó fún yín gan-an, kí wọ́n ṣí `Advanced display`, kí wọ́n yan iye tó ga jù, kí ó wà ní títàn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ojú rẹ̀ bá ń ṣókùnkùn tó sì ń padà wá, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n pààrọ̀, kí ẹ tó fura sí mọ́nítọ̀.