Ìwé wákàtí 21 àti “ìyá ọkọ̀ mi”: ohun tí ojú mi rí lórí áàpù ìwé àfetígbọ́

Lọ́jọ́ Ajé, láàárín Máìlì 12 àti Kẹ́tu, mo já íàpíìsì yọ létí. Obìnrin inú ìtàn ń sunkún nítorí ìyá ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń wọ̀ mí lára, àfi bí ẹni tó ń kàwé ṣe là á mọ́lẹ̀: “ìyá ọkọ̀ mi”. Èmi tí mo há sínú ọkọ̀! Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, inú ti ń bí mi. Ohùn ọkùnrin náà dùn lóòótọ́, àmọ́ kò gbọ́ Yorùbá, kò sì bi ẹni tó gbọ́ ọ.

Ojúkòkòrò ló mú mi ra ìwé ọ̀hún. Kírẹ́díìtì tí owó oṣù mi ń mú wá lórí áàpù ni mo fi ń ra ìwé; iye kan náà ni wọ́n sì ń gbà fún ìwé wákàtí 5 àti wákàtí 21, mo ní kí n jẹ èrè owó mi. Láti Ìkòròdú dé Ọbáléńdé, àlọ àtàbọ̀, bíi wákàtí 4 ni lójúmọ́. Ẹ yọ ariwo kọ̀ńdọ́, ìjà ṣéńjì àti oorun ìrọ̀lẹ́ kúrò, wákàtí 2 àbọ̀ ló kù fún etí mi. Ìwé yẹn á wọ ọ̀sẹ̀ kejì, bí ọjọ́ Ajé bá sì fi máa dé, mo ti gbàgbé ẹni tó fẹ́ ta.

Mo fẹjọ́ sun àwọn tó ni áàpù. Ẹni àkọ́kọ́ fèsì pé ìwé náà “ń ṣiṣẹ́ dáadáa”. Mo tún kọ ọ́ fún wọn: orí 3, ìṣẹ́jú 12. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ wọn pè mí nígbà tí ọkọ̀ wa dé Ọjọ́ta. Èébú ti wà lẹ́nu mi.

“Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”

Ó tẹ̀ ẹ́, èmi náà ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá ọkọ̀ kẹ̀!” Kírẹ́díìtì mi ti padà wọlé kí a tó gun orí afárá. Ó ní kí n má gbẹ́kẹ̀ lé ìtọ́wò ìṣẹ́jú 5, torí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ni wọ́n ń gé e, níbi tí orúkọ kò tíì pọ̀. Kí n wá èyí tí òǹkọ̀wé kà fúnra rẹ̀.

Bí mo ṣe mú Born a Crime nìyẹn. Trevor Noah, aláwàdà ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló kọ ọ́ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, òun náà ló kà á, kò pé wákàtí 9. Èdè ilé rẹ̀ kì í kọ́ ọ lẹ́nu. Orí kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, nítorí náà bí kọ̀ńdọ́ bá gba ìṣẹ́jú méjì lọ́wọ́ mi, n kò sọnù. Ọjọ́ 4 ni mo fi parí rẹ̀. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí mo kọ́kọ́ dán wò kò rí bẹ́ẹ̀: gbólóhùn kan bọ́ mọ́ mi létí ní Kẹ́tu, n kò mọ apààyàn mọ́ títí a fi dé Ọbáléńdé. Ilé ni kí ẹ ti gbọ́ irú ìyẹn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún áàpù náà, nítorí ìyá ọkọ̀. Mo ti sanwó oṣù tó ń bọ̀.