Wọ́n fi pólíìṣì bàtà kun táyà báàgì mi, wọ́n ní tuntun ni

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń múra ìrìn àjò, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó gbé báàgì onítáyà yín fún ẹnikẹ́ni pé kó tún un ṣe. Lóṣù tó kọjá, náírà 20,000 ni mo san kí wọ́n lè bá mi pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ọwọ́ tí a fi ń fa báàgì mi. Ohun tí mo rí gbà ni pólíìṣì bàtà, ìṣó méjì tí wọ́n gé, àti ọwọ́ tí kò lè dúró. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà, mi ò sì ní sọ ọjà tó wà, torí pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Báàgì ńlá ni, irú èyí tí a máa ń kó ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ sí títí á fi wọn kìló 23 géérégé lórí òṣùwọ̀n ní pápákọ̀ òfurufú. Táyà mẹ́rin ló ní, wọ́n sì ń yí síbi gbogbo. Táyà ẹ̀yìn lápá òsì ni kò yí mọ́, ṣe ló ń wọ́ nílẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Ọwọ́ rẹ̀ náà, bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, á jáde bí ìka mẹ́ta, á sì há síbẹ̀.

Ọkùnrin náà kò tú nǹkan kan wò. Ó kàn fi ẹsẹ̀ taari báàgì náà, ó ní, “Àǹtí, gbogbo ẹ̀ ló ti kú. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó má lọ dójú tì yín ní Lọ́ńdọ̀nù.” 26,000 ló pè é, mo ná an títí ó fi dé 20,000. Ó ní kí n máa lọ sílé, kí n wá gbé e lọ́jọ́ kejì. Mi ò ya fọ́tò táyà kankan, mi ò fi àmì sí nǹkan kan, mo kàn ń lọ ni.

Nígbà tí mo padà dé, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán bí bàtà ọlọ́pàá. Ó taari báàgì òfìfo náà lórí táìlì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yọ̀ lọ wọ̀ọ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó jáde láìjanpata. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ń rùn fìì lára ẹ̀, mo sì rò pé iṣẹ́ gidi ló fà á. Mo sanwó.

Ilé ni àṣírí ti tú. Mo kó ẹrù sí i, mo fà á látinú yàrá bọ́ sí pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ já wálẹ̀ gbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi níka. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń dún gbàgà-gbàgà. Màámi wá yọjú, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní, “Ta ló fi ìdí ìkòkò wọ́ ilé mi?” Ìlà dúdú méjì ló tò tẹ̀lé báàgì náà láti ẹnu yàrá. Mo fi ìka pa táyà iwájú kan, dúdú ló mú, ó sì ń rùn bíi bàtà ọmọ ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lábẹ́ pólíìṣì yẹn, mo rí ojú ibi tí táyà mi ti họ láti ọdún mélòó kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń tún ọ̀kadà ṣe, òun ló bá mi tú u. Ó dojú báàgì dé, ó ní kí n wo àárín táyà. Nínú táyà iwájú méjèèjì, òrùka irin kan wà láàárín rọ́bà, bẹ́rìn nìyẹn. Bí o bá fi ìka ta á, á yí lọ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dúró. Nínú táyà ẹ̀yìn, kò sí irin kankan, ike lásán ni wọ́n dá ihò sí láàárín, ìṣó tí wọ́n gé ni wọ́n sì fi gba ihò náà. A ta òun náà, ó yí ẹ̀ẹ̀kan, ó dúró. Irú táyà bẹ́ẹ̀ máa ń yí dáadáa bí báàgì bá ṣófo. Tí kìló 20 bá ti jókòó lé e lórí, irin á máa ha ike, ihò náà á fẹ̀, táyà á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí tí ọ́ìlì fi wà níbẹ̀ nìyẹn: kó lè yọ̀ títí wàá fi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ti ọwọ́ rẹ̀ ló tún wá bí mi nínú jù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí wa mú. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú páìpù kọ̀ọ̀kan. Tí a bá tẹ bọ́tìnnì, ọ̀pá yẹn á lọ sílẹ̀, á sì fa èèkàn kékeré kan kúrò nínú ihò tó wà lára páìpù ìta. Tí a bá fi bọ́tìnnì sílẹ̀, sípíríìngì á ti èèkàn náà padà sínú ihò, ọwọ́ á sì dúró. Èèkàn méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bọ́tìnnì ọ̀hún, ó ní kí n fetí sí i. Apá ọ̀tún nìkan ló ń dún kọ́. Ó ṣí síìpù aṣọ inú báàgì, ó tú ìdè tó de páìpù mọ́lẹ̀, ó sì fa gbogbo ọwọ́ náà jáde. Èèkàn apá òsì kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fi ẹ̀mú fà á yọ.

Ohun tó mú kí ọwọ́ náà há tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú ihò rẹ̀: èlùbọ́. Èlùbọ́ mi tó dà sínú báàgì nígbà kan ló rá wọnú páìpù, omi kàn án, ó gan mọ́ èèkàn bíi sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ gbọ̀n ọ́n kúrò ni, á sì fọ́n sìlíkóònù tó ń mú nǹkan yọ̀ díẹ̀ sí i. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, torí iyanrìn àti eruku ni ọ́ìlì yẹn ń kó jọ. Ọkùnrin yìí yọ èèkàn dànù kí páìpù lè máa yọ̀, ó sì gba owó ọwọ́ tuntun lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run ló yọ mí tí aládùúgbò wa ní báàgì tó ti ya tó fẹ́ dànù. Èèkàn tirẹ̀ bá tèmi mu, òun la fi sí i.

Nítorí náà, bí ọwọ́ báàgì bá há, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ kọ́kọ́ ti ọwọ́ náà sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ìnira lè kúrò lára èèkàn, kí ẹ tó fà á sókè. Tó bá dún lápá kan ṣoṣo, èèkàn tàbí ọ̀pá inú apá kejì ló ní ìṣòro. Tó bá dún lápá méjèèjì tí kò sì jáde, ẹ wo ara páìpù bóyá ó tẹ̀ níbì kan. Páìpù tó bá ti tẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò, nígbà yẹn lọ̀rọ̀ ọwọ́ tuntun tó dé. Ẹ wọn gígùn ọwọ́ àtijọ́ nígbà tí wọ́n bá pa á dé, àti àlàfo tó wà láàárín páìpù méjèèjì, kí ẹ sì ka iye ibi tó máa ń dúró sí bí ẹ bá ń fà á jáde. Tèmi gùn tó sẹ̀ǹtímítà 58 tí a bá pa á dé. Èyí tó bá fi sẹ̀ǹtímítà kan péré yàtọ̀ láàárín páìpù, ihò ìdè rẹ̀ kò ní bá ti báàgì mu.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ní ọmọ iṣẹ́ ló ṣe é. Nígbà tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi lọ sókè, ọkùnrin náà dá 12,000 padà, ó sì ti garawa ọ̀dà kan sí wa pé ká ṣa táyà wa níbẹ̀. Garawa náà kún fún táyà àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Mo rí tèmi kan, èyí tí kò yí, nítorí òwú gèlè mi aláwọ̀ àlùkò ṣì wà lára rẹ̀. Òwú yẹn àti irun àtọwọ́dá ló lọ́ mọ́ irin àárín rẹ̀ láàárín táyà àti ilé táyà, ó le bí okùn. Ẹ̀gbọ́n mi fi abẹ gé e, ó fi ẹ̀mú tín-ínrín fà á jáde. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó ta táyà náà, ó ń yí lọ ràìràì. Kò sí ohun tó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé irin àárín rẹ̀, nítorí náà a ní láti ra irin tuntun, a sì ra táyà kan kún un. Ẹ má ra táyà láìwọn èyí tó wà níbẹ̀. Tèmi jẹ́ mílímítà 60 láti etí kan dé ìkejì, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6. Gígùn irin àárín náà ṣe pàtàkì: tó bá kúrú ju ilé táyà lọ, bí ẹ bá ti ń dè é, á fún ilé táyà pọ̀ mọ́ra, táyà ò ní yí. Tó bá gùn jù, táyà á máa mì. Èyí tó dáa ni irin tí wọ́n fi ìdè dè lápá méjèèjì, kì í ṣe ìṣó. Tí rọ́bà táyà bá sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ nítorí ó ti pẹ́ nínú yàrá, ẹ má wulẹ̀ fọ̀ ọ́, ó ti parí nìyẹn. Bí ilé táyà ló sì sán, ilé náà lẹ máa rà, kí ihò ìdè rẹ̀ sì bára mu.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ má gbà kó fi báàgì òfìfo dán an wò fún yín. Ẹ ra àpò píọ̀ wọ́tà méjì lọ́wọ́ ọmọ tó ń tà á níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ogún ọ̀rá ló wà nínú àpò kan, kìló mẹ́wàá sì ni, méjèèjì á di kìló 20. Ẹ kó wọn sínú báàgì, ẹ fa ọwọ́ rẹ̀ jáde, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ láìtẹ bọ́tìnnì. Kò gbọdọ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ fà á lọ sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe táìlì, bó jẹ́ ojú títì. Ẹ fi aṣọ funfun tàbí tíṣù nu táyà kí ẹ wo ohun tó máa mú. Ẹ sì ya fọ́tò táyà kí ẹ tó fi báàgì sílẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ pé ẹ máa gba gbogbo èyí tó bá tú. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí táyà ẹ̀yìn mi lápá ọ̀tún, tí kò ní àléébù kankan, kò fi sí nínú garawa yẹn mọ́. Ó ti wà lábẹ́ báàgì ẹlòmíì.