Ìṣẹ́tí afarasin, róòlù àti oníwúwo: èwo ni kí ẹ sanwó rẹ̀ lórí ṣífọ́ọ̀nù, jíínsì àti wúùlù tó nípọn?

Ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe aṣọ ni mo ní ní Pẹ́kámù, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo, gáùn ṣífọ́ọ̀nù tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sóde, ṣòkòtò jíínsì tó gùn jù àti kóòtù wúùlù ìgbà òtútù lè bá ara wọn pàdé lórí tábìlì mi. Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó gbé wọn wá máa ń bi mí: irú ìṣẹ́tí wo ni kí àwọn sanwó rẹ̀? Àwọn kan ti sanwó níbòmíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìṣẹ́tí tí kò bá aṣọ wọn mu ni wọ́n sì rà. Ó máa ń dùn mí, torí pé aṣọ tó dára ni wọ́n fi bàjẹ́.

Ìṣẹ́tí afarasin ni àwọn télọ̀ ń pè ní bíláíǹdì. A ó ṣẹ́ etí aṣọ sínú, abẹ́rẹ́ á wá gbé fọ́nrán òwú kan tàbí méjì péré lára aṣọ, débi pé ẹni tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán kò ní rí ojú ìrán kankan. Ní ti róòlù, ńṣe la máa ń ká etí aṣọ bí ẹni ń ká ẹní, títí yóò fi dà bí okùn tín-ín-rín tí ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ. Oníwúwo kì í ṣe ọ̀nà ìrán lọ́tọ̀. Ohun tó wúwo, bíi ṣéènì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ òjé, la fi sínú ìṣẹ́tí tó ti wà nílẹ̀ kí aṣọ lè wálẹ̀ kó sì dúró síbẹ̀.

Kí n tó dáhùn oníbàárà, ohun kan ni mo máa ń fi ìka wádìí lára aṣọ: níbo ni òwú máa rí sá pamọ́ sí?

Wúùlù tó nípọn ní inú tí òwú lè sá sí. Abẹ́rẹ́ á wọ àárín rẹ̀, á gbé òwú díẹ̀, á sì jáde padà láìdé ojú aṣọ rárá. Irun tó wà lójú rẹ̀ á tún bo ibi tí abẹ́rẹ́ fọwọ́ kàn. Torí náà, tó bá jẹ́ kóòtù wúùlù, afarasin ni kí ẹ rà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí yín lérò padà. Ẹ yí etí kóòtù náà sókè kí ẹ tó sanwó. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ sínú gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5. Tó bá kéré sí i, kóòtù náà kò ní wálẹ̀ dáadáa, kò sì ní sí ohun tí a lè tú tí ẹ bá fẹ́ kó gùn sí i lọ́jọ́ iwájú. Ẹ wò ó bóyá wọ́n tún ṣẹ́ etí yẹn lẹ́ẹ̀kejì sábẹ́ ara rẹ̀. Lórí wúùlù, àṣìṣe nìyẹn, torí pé aṣọ á di ìpele mẹ́ta, áyọ́ọ̀nù á sì fa ìlà kan gbọọrọ sójú rẹ̀ tí kò ní lọ mọ́. Wífìn, ìyẹn òwú tí maṣíìnì fi wé etí aṣọ, tàbí téèpù pẹlẹbẹ ló yẹ kó parí etí náà.

Ohun kejì tí ẹ ó wò ni òwú tí wọ́n fi mú un. Maṣíìnì bíláíǹdì ti ilé iṣẹ́ sábà máa ń fi òwú kan ṣoṣo ṣe ojú ìrán tó so kọ́ra bíi ṣéènì. Tí ìdí òwú yẹn bá já, tí ẹ sì fà á, gbogbo ìṣẹ́tí lè tú lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ìṣẹ́jú kan. Kì í ṣe pé ó burú, àmọ́ ẹ ní kí télọ̀ dè é lójú méjì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ti ọwọ́ ló wù mí jù fún kóòtù: abẹ́rẹ́ ń lọ síwá sẹ́yìn bí ọ̀nà X, ojú kan sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà kan, òwú rẹ̀ sì dẹ̀ díẹ̀. Ìdẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Ibi tí òwú bá ti fún jù, ẹ máa rí kòtò wẹ́wẹ́ lójú kóòtù bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Etí kóòtù tó gbòòrò tó mítà kan ààbọ̀ kò ju bíi 150 ojú abẹ́rẹ́ lọ, torí náà owó iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀ kò yẹ kó dẹ́rù bà yín.

Ṣífọ́ọ̀nù ni òdì kejì rẹ̀ pátápátá. Kò ní inú kankan, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, nítorí náà ohunkóhun tí ẹ bá ṣẹ́ sínú ló máa hàn láti ìta. Afarasin lórí ṣífọ́ọ̀nù máa ń fi ìlà dúdú sílẹ̀ nísàlẹ̀ gáùn níbi tí aṣọ ti di ìpele méjì, ojú ìrán kọ̀ọ̀kan á sì fa aṣọ náà bí ẹni já a léèékánná. Bí òwú kò ti ríbi sá sí, ó di dandan kí a sọ etí náà di tín-ín-rín débi pé ojú kò ní bìkítà fún un. Róòlù nìyẹn. Ṣùgbọ́n oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan yìí, owó wọn kò sì jọra.

Èyí tó rọrùn jù ni ti maṣíìnì wífìn: òwú ló wé etí aṣọ yíká, tí kò sí kíká gidi níbẹ̀. Ẹ máa mọ̀ ọ́n torí pé òwú lẹ máa rí létí, ẹ kò ní rí aṣọ. Ó yá, ó sì dára fún ìborùn lásán, ṣùgbọ́n òwú tó bá nípọn á mú kí etí gáùn le gan-gan, fọ́nrán ṣífọ́ọ̀nù á sì máa yọ jáde láàárín rẹ̀ bí irùngbọ̀n tí a kò fá kúnná. Èkejì ni ti maṣíìnì lásán lọ́nà mẹ́ta: a ó rán an yíká ní mìlímítà 6 sí etí, a ó ṣẹ́ ẹ níbẹ̀, a ó tún rán an, a ó gé èyí tó kù dé bíi mìlímítà 1, a ó tún ṣẹ́ ẹ, a ó sì rán an ní ìgbà kẹta. Ìlà òwú kan á hàn níta, ṣùgbọ́n ó lágbára, ó sì rọ̀. Ẹ̀kẹta ni ti ọwọ́, tí a ń fi àtàǹpàkò àti ìka ká, tí abẹ́rẹ́ ń sá gba inú ká náà kọjá. Ilé Ẹ̀mẹ́ẹ̀sì ti Faransé ń fi ọwọ́ ká etí àwọn ìborùn sílíìkì wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ká a sí ojú aṣọ dípò ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó máa ń ṣe róbótó díẹ̀. Èyí tí áyọ́ọ̀nù ti tẹ̀ pẹlẹbẹ ti pàdánù ohun tí ẹ sanwó fún.

Ẹ jẹ́ kí n fi gáùn kan tí mo ṣe ṣàlàyé. Ọmọbìnrin kan fẹ́ wọ ṣífọ́ọ̀nù fíléà tí wọ́n gé ní òbìrìkìtì lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nínú ọgbà tó dojú kọ odò. Ìbàdí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 72, síkẹ́ẹ̀tì náà sì gùn ní mítà kan. Etí irú síkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ yíká tó mítà 7. Ọwọ́ tó yá máa ń lo bíi wákàtí kan lórí mítà kan, torí náà iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni kíká ọwọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ti maṣíìnì jẹ́ mítà 21 ìrán, ìyẹn sì parí láàárín ọ̀sán kan. Èyí ni mo ní kó mú, torí pé mítà méje ṣífọ́ọ̀nù tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìlà òwú kan.

Àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nǹkan wúwo sí i, kó má gbé mi láṣọ sókè níwájú àwọn àna.” Mo lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọ̀. Téèpù òjé tó fúyẹ́, tí mítà rẹ̀ kan wọn gíráàmù 25, á di gíráàmù 175 lórí mítà 7. Síkẹ́ẹ̀tì òbìrìkìtì sì ní àwọn ibi tí aṣọ ti dà gẹ̀rẹ́ sí òwú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní báyáàsì; àwọn ibẹ̀ ló máa ń nà. Ìwúwo á fa àwọn ibi wọ̀nyẹn wálẹ̀ ju ìyókù lọ, etí gáùn á sì di gbágungbàgun kí àsè tó parí. Kódà láìsí òjé, nígbà tí mo fi síkẹ́ẹ̀tì náà kọ́ fún ọjọ́ kan kí n tó rán etí rẹ̀, àwọn ibi báyáàsì ti wálẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3, mo sì ní láti gé wọn dọ́gba. Ẹ bi télọ̀ yín bóyá ó máa ń kọ́ ọ báyìí. Èyí tó bá ní kò sídìí ẹ̀, ẹ gba aṣọ yín. Ìwúwo tí ọmọbìnrin náà béèrè, inú láínìn sátínì ni mo fi sí: ìwúwo pẹlẹbẹ mẹ́rin nínú àpò aṣọ kékeré, níbi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Láínìn dúró, ṣífọ́ọ̀nù sì ń fẹ́ bó ṣe yẹ.

Jíínsì kò fẹ́ èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó nípọn bíi wúùlù, ṣùgbọ́n wọ́n hun ún le débi pé òwú kò ríbi sá sí nínú rẹ̀. Aró rẹ̀ náà kò mu wọ inú òwú. Ìta nìkan ló bò, àárín òwú ṣì funfun, nítorí náà ibi tí afarasin bá ti fà á ni aró á kọ́kọ́ ha kúrò tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, tí àmì funfun á sì tò yíká ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Róòlù kò ṣeé ṣe rárá níbi ìsopọ̀ ẹ̀gbẹ́ tó ti nípọn tẹ́lẹ̀. Ìwúwo ńkọ́? Ó ti ní tirẹ̀. Ohun tí ẹ ó rà ni ṣíṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tí a rán mọ́lẹ̀ lójú pẹ̀lú òwú tó nípọn. Tí ẹ bá fẹ́ràn etí tó ti ṣá tí ó sì lọ́ bí okùn, ẹ ní kí wọ́n dá etí ti àkọ́kọ́ padà. Láti gé sẹ̀ǹtímítà 6 kúrò, a ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 láti òkè ìṣẹ́tí àtijọ́ dé ibi tó ti ṣẹ́, a ó rán an mọ́ ìdí ìṣẹ́tí náà gan-an, a ó sì gé ìyókù. Lórí ṣòkòtò tó fún lọ́rùn ẹsẹ̀, kò dára kọjá sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, torí pé òkè gbòòrò ju etí àtijọ́ lọ, ó sì máa ń rúnjọ.

Ibi tí ìṣẹ́tí oníwúwo ti tó owó rẹ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì wúùlù tí kò gùn. Ilé Ṣànẹ́ẹ̀lì ní Párísì ló sọ ọ́ di olókìkí, pẹ̀lú ṣéènì tí wọ́n ń rán mọ́ ìsàlẹ̀ láínìn jákẹ́ẹ̀tì wọn, kí ó lè wálẹ̀ tààrà lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá ń rà á, ẹ tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀: tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá rúnjọ, ṣéènì kúrú ju aṣọ lọ, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè tún un ṣe. Kóòtù gígùn tó nípọn kò nílò ṣéènì. Bí lílà ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń ṣí sílẹ̀, ìwúwo pẹlẹbẹ kan ní igun kọ̀ọ̀kan lílà náà tó. Ẹ sọ fún alágbàfọ̀ pé irin wà nínú rẹ̀, kó má fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ lójú. Nínú aṣọ ọmọdé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òjé sí i rárá, torí májèlé ni, ọmọ sì lè fi ẹnu já a. Irin ni kí ẹ béèrè.