Tẹmómítà alábẹ́rẹ́ tí mo fi ń yan itan àgùntàn

Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n máa ń gún bọ ẹran, tí wọ́n á tún fà yọ lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ gígùn kan ni, waya tẹ́ẹ́rẹ́ ló so ó mọ́ ojú tí nọ́ńbà ti ń hàn. Abẹ́rẹ́ á wà nínú ẹran, waya á gba etí ilẹ̀kùn ófùnù jáde, ojú rẹ̀ á sì wà lórí tábìlì ìdáná. Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, owó rẹ̀ ò tó 20 pọ́n-ùn.

Ọdún Àjíǹde ni mo gbé iṣẹ́ gidi fún un: itan àgùntàn kìlógíráàmù 2.3, teegunteegun. Mo ti fi iyọ̀, tímù, aáyù àti ata gbígbẹ pa á lára láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo yí ófùnù sí 120 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì. Ibi tí ẹran ti ki jù ni mo gún abẹ́rẹ́ sí, mo sì rí i dájú pé kò kan egungun, torí ooru egungun kì í bá ti ẹran dọ́gba, irọ́ ni nọ́ńbà yẹn á máa pa. Bẹ́ ẹ bá fura, ẹ rọra fà á sẹ́yìn díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá yí padà wìtìwìtì, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ò dáa.

Màmá mi kì í jẹ ẹran tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, torí náà 70 ni mo ń wá. Àmọ́ ní 66 ni mo ti gbé e jáde, lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, mo da fọ́ìlì bò ó láìdì í pa, mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ṣì ń gòkè: 67, 68, 69. Ó kan 70, ó dúró díẹ̀, ó wá ń sọ̀kalẹ̀. Ara òde tó gbóná ju inú lọ ló ń ti ooru wọlé. Ká ní 200 ni mo fi yan án ni, ìgòkè yẹn ìbá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ǹ bá sì ti tètè gbé e jáde.

“Ẹ ti jẹ́ kí ẹran tutù tán o,” Màmá ń kùn. Mo dúró títí ó fi já sí 62, mo wá dá a padà sínú ófùnù 230 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ara rẹ̀ lè pọ́n. Nígbà tí mo gé e, díẹ̀ báyìí ni omi tó jáde sórí pákó.

Èjìká yàtọ̀ ṣá. Ní 70 ó ṣì le, ó dìgbà tó bá kọjá 90 kí iṣan inú rẹ̀ tó yọ́. Ó sì lè há sí nǹkan bí 70 fún ìgbà pípẹ́, torí omi tó ń gbẹ lára rẹ̀ ń mú un tutù. Ẹ má torí ẹ̀ fi kún iná.

Àléébù ẹ̀rọ náà? Àlámù rẹ̀ ò dún dé pálọ̀. Bí omi bá sì wọ ibi tí waya ti pàdé abẹ́rẹ́, ìsọkúsọ ni nọ́ńbà á máa sọ. Aṣọ tútù ni mo fi ń nù ún, mi ò jẹ́ rì í sínú omi. Síbẹ̀, ní iye yẹn, màá tún un rà.