Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ìrọ̀rí àdìrẹ àti aṣọ òfì lórí àga pálọ̀ mi

Àga pálọ̀ mi gba èèyàn mẹ́ta. Aláwọ̀ eérú ni, kò sì sí ọnà kankan lára rẹ̀. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo lọ sí ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, mo ra àpò ìrọ̀rí àdìrẹ márùn-ún lọ́wọ́ ìyá aláró kan, ₦7,000 ní ẹyọ kan. Mo tún ra aṣọ òfì aláwọ̀ sányán kan tí mo lè jù sórí àga, ₦40,000.

Iṣẹ́ ìyá náà mọ́. Aró mu aṣọ dáadáa, síìpù kò há, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gún. Àmọ́ nígbà tí mo tò wọ́n sórí àga lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣe ni pálọ̀ dà bí ìsọ̀ aláṣọ. Mo rò pé wọ́n ti pọ̀ jù ni, mo yọ méjì kúrò, síbẹ̀ ó ṣì rí wúruwùru.

Ìgbà tí mo fi téèpù wọn ọnà ara wọn ni mo tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìbàdàndùn àti Olókun ni mo rà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni méjèèjì, àwọn tó ń ya á máa ń pín ojú aṣọ sí àpótí onígun mẹ́rin, wọ́n á sì ya nǹkan ọ̀tọ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn tí mo rà, àpótí kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí íńṣì mẹ́ta lọ, títí kan ibi tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú Ìbàdàndùn. Torí pé gbogbo ọnà náà tóbi bákan náà, kò sí èyí tó ṣáájú, kò sí èyí tó tẹ̀lé. Ojú kàn ń fò kiri ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aró kan náà ni gbogbo wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kí àwọ̀ bára mu nìkan kò tó.

Mo kó mẹ́rin padà sọ́dọ̀ ìyá aláró náà. Mo ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá èyí tí ọnà rẹ̀ tóbi ju èyí lọ.” Wọ́n ní, “Oṣùbàmbà lò ń wá, ọmọ mi.” Wọ́n fún mi ní ẹyọ kan, wọ́n sì dá owó mẹ́ta yòókù padà. Àdìrẹ oníko ni Oṣùbàmbà, òṣùpá ńlá ló wà láàárín àwọn kéékèèké, tèmi sì fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Mo fi owó tó kù ra àrán aláwọ̀ aró tí kò ní ọnà, àti òfì ẹtù, tí ìlà ara rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn. Télọ̀ àdúgbò mi bá mi rán an.

Báyìí ni mo ṣe tò ó: àrán méjì tó tóbi wà ní igun àga méjèèjì, íńṣì 22. Oṣùbàmbà wà níwájú ọ̀kan, Ìbàdàndùn àti ẹtù wà níwájú èkejì, íńṣì 18 ni àwọn mẹ́ta yìí. Ọnà ńlá kan, ọnà kékeré kan, ìlà kan tó jẹ́ pé láti ẹnu ọ̀nà, ṣe ló dà bí aṣọ tí kò ní ọnà. Àrán ni ojú ti ń sinmi. Ó múlọ́múlọ́, ó sì máa ń mu ìmọ́lẹ̀, nígbà tí àdìrẹ le díẹ̀ lọ́wọ́, tí òfì sì rí hàràhàrà. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dára, mo máa ń fi fóònù ya àga náà láwọ̀ dúdú àti funfun. Ìrọ̀rí méjì tí wọ́n bá dà bí ẹyọ kan nínú àwòrán yẹn, mo máa ń yọ ọ̀kan.

Òfì náà, mo ká a sí mẹ́ta lóòró, mo sì jẹ́ kó wálẹ̀ láti ẹ̀yìn àga dé ibi ìjókòó, ní ẹ̀gbẹ́ kan péré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ́ ẹ bo gbogbo àga, ó bo àwọ̀ eérú tó yẹ kó ya àwọn ọnà náà sọ́tọ̀.

Ohun méjì ló dùn mí. Aró ta sára aṣọ funfun àlejò mi kan ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kí ẹ tó gbé ìrọ̀rí àdìrẹ sórí àga, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù nù ún. Tó bá ní àmì, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi á fi mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọ tèmi. Èkejì ni pé ibi tí wọ́n ti so ìlà òfì méjì pọ̀ tú, èmi ni mo san owó àtúnrán.

Tí àga yín bá ti ní ọnà lára tẹ́lẹ̀, ẹ má ra tó báyìí. Àdìrẹ kan ṣoṣo ni màá mú, kí ìyókù jẹ́ àrán. Ní tèmi, màá tún padà sọ́dọ̀ ìyá aláró náà fún ìrọ̀rí yàrá, téèpù á sì wà lọ́wọ́ mi.